Orí Kẹjọ: Gbígbé Àbọ̀ Ìpolongo Ọjà Síwájú Àwọn Aláṣẹ Ilé-iṣẹ́

Àbọ̀ ìpolongo ni ọ̀rọ̀ tí ẹ̀ka ìpolówó máa ń gbé síwájú àwọn aláṣẹ nígbà tí ìpolongo ọjà kan bá ti parí, láti sọ iṣẹ́ tí owó tí wọ́n ná ṣe, ibi tí owó náà kò ti ṣiṣẹ́, àti ohun tí ilé-iṣẹ́ yóò ṣe lẹ́yìn èyí. Ìpolongo ọjà, gẹ́gẹ́ bí orí yìí ṣe ń lo ọ̀rọ̀ náà, yàtọ̀ sí ìpolówó ojoojúmọ́, nítorí pé ó ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí, ó ní owó tí a yà sọ́tọ̀ fún un, ó sì máa ń da ọ̀nà púpọ̀ pọ̀: orin ìpolówó lórí rédíò, bánà lójú títì, ẹ̀dínwó fún àwọn tí ń tajà, àti ìtọ́wò fún àwọn tí yóò jẹ ẹ́. Àwọn aláṣẹ tí a ń sọ ni ọ̀gá àgbà, akápò, olórí ẹ̀ka títa ọjà àti olórí ẹ̀ka tí ń ṣe ọjà náà, ìyẹn àwọn tí ó lè fún ìpolongo mìíràn lówó tàbí kí wọ́n dí ojú àpò.

Ìṣòro tí ó wà nínú àbọ̀ yìí kò fara sin. Àwọn tí ó ṣe ìpolongo náà gan-an ni ó sábà máa ń kọ àbọ̀ rẹ̀, èyí tí ó fi jẹ́ pé olùdíje ni ó ń dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́. Kò pọn dandan kí wọ́n purọ́ kí àbọ̀ náà tó ṣini lọ́nà; ó tó kí wọ́n yan ọjọ́ tí ìṣirò parí sí, tàbí kí wọ́n gbàgbé ìnáwó kan tí kò sí lára owó ìpolówó. Nítorí náà, orí yìí yóò tẹ̀lé ìpolongo kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ó lè hàn kedere bí iye kan náà ṣe lè di èrè ní ọwọ́ ẹnìkan kí ó sì di àdánù ní ọwọ́ ẹlòmíràn.

Ìpolongo tí a fi ṣe àpẹẹrẹ

Ilé-iṣẹ́ tí a fi ṣe àpẹẹrẹ níhìn-ín jẹ́ èyí tí a dá fún ẹ̀kọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo iye tí ó jẹ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó bá mọ Ìbàdàn. Ní Àkóbọ̀ ni ó wà, níbi tí ó ti ń di èlùbọ́ iṣu sínú ọ̀rá oníkílò kan. Nàìrà 2,000 ni ó ń ta ọ̀rá kan fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù. Iṣu, gbígbẹ, lílọ̀, ọ̀rá àti ọkọ̀ sì ń gba ₦1,400 lórí rẹ̀, èyí tí ó fi hàn pé ₦600 ni ó ń kù sí ọwọ́ ilé-iṣẹ́ lórí ọ̀rá kọ̀ọ̀kan kí a tó yọ owó ìpolówó kankan. Iye tí ó ń kù yìí ni a ó máa pè ní èrè orí ọ̀rá, òun sì ni òpó tí gbogbo ìṣirò orí yìí fẹ̀yìn tì. Ẹni tí ilé-iṣẹ́ náà ń bá díje jù lọ ni ìyá elélùbọ́ tí ń fi kóńgò wọn ọjà rẹ̀ ní ọjà Bódìjà, ẹni tí oníbàárà mọ̀ lójú, tí ó sì lè bá dúnàádúrà. Ilé-iṣẹ́ kejì tí ń ta èlùbọ́ inú ọ̀rá kò tó o ní alátakò.

Ìpolongo náà gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, Àkóbọ̀ àti Bódìjà sì ni wọ́n ti ṣe é, níbi tí nǹkan bí 400 ṣọ́ọ̀bù ti ń gba ọjà wọn. Rédíò gba ₦3,600,000, bánà gba ₦900,000. Ìtọ́wò, ìyẹn kí obìnrin kan dúró ní ẹnu ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú àmàlà gbígbóná àti ọbẹ̀ kí àwọn tí ń kọjá lọ lè tọ́ ọ wò, wáyé ní 100 ṣọ́ọ̀bù ní ₦15,000 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ₦1,500,000. Yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí, ilé-iṣẹ́ yọ ₦150 kúrò lórí ọ̀rá kọ̀ọ̀kan tí oníṣọ́ọ̀bù bá rà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà. Wọn kò na ìpolongo dé Ṣálẹ́ńjì àti Mólété, ní ìhà gúúsù ìlú, nítorí pé owó kò tó. Àìtó owó yìí ni yóò wá wúlò jù lọ nígbà tí àkókò àbọ̀ bá dé.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ó ṣáájú ìpolongo, 20,000 ọ̀rá ni ó kúrò ní ilé ìkẹ́rùsí lọ sí Àkóbọ̀ àti Bódìjà. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ìpolongo, iye náà di 32,000. Ẹ̀ka ìpolówó kọ àbọ̀ àkọ́kọ́ ní ọjọ́ kẹta tí ìpolongo parí. Nínú rẹ̀, wọ́n fi 12,000 ọ̀rá tí ó lé ṣe ìsodipúpọ̀ ₦600, wọ́n rí ₦7,200,000, wọ́n yọ ₦6,000,000 tí rédíò, bánà àti ìtọ́wò ná, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sí ojú ìwé àkọ́kọ́ pé ìpolongo jèrè ₦1,200,000. Kò sí irọ́ kankan nínú àwọn iye wọ̀nyí. Síbẹ̀, kò sí èyí tí aláṣẹ lè gbé ìpinnu lé nínú wọn.

Kí ni ì bá ṣẹlẹ̀ bí kò bá sí ìpolongo?

Ìbéèrè tí ó wà lábẹ́ gbogbo àbọ̀ ìpolongo nìyí, nítorí pé ọjà tí ì bá tà bí a bá jókòó sílé kì í ṣe èrè ìpolówó. Ẹni tí ó bá fi iye ọjà ìgbà ìpolongo wé iye tí ó ṣáájú rẹ̀ nìkan ti gbà láìsọ pé kò sí ohun mìíràn tí ó yí padà láàárín ìgbà méjèèjì, bẹ́ẹ̀ àwọn tí ń ta oúnjẹ mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Iye owó iṣu máa ń gòkè kí iṣu tuntun tó jáde, ó sì máa ń wálẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí òjò bá ń rọ̀ léraléra, èlùbọ́ kì í gbẹ dáadáa, kóńgò ọjà a gbówó lérí, àwọn kan a sì yà sí èlùbọ́ inú ọ̀rá láìgbọ́ orin rédíò kankan.

Ọ̀nà tí a fi ń dáhùn ìbéèrè náà ni kí a wá àdúgbò àfiwé, èyí tí í ṣe àdúgbò tí ó jọ ti ìpolongo ní ti irú ènìyàn, irú ṣọ́ọ̀bù àti iye owó ọjà, ṣùgbọ́n tí ìpolongo kò dé. Ṣálẹ́ńjì àti Mólété bọ́ sí ipò yìí. Ọ̀rá 10,000 ni wọ́n gbà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́, 11,000 sì ni wọ́n gbà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ìpolongo ń lọ lọ́wọ́ ní òdìkejì ìlú, ìyẹn ni pé ọjà lọ sókè ní ìdá kan nínú mẹ́wàá láìsí bánà, láìsí ìtọ́wò, láìsí ẹ̀dínwó. Bí Àkóbọ̀ àti Bódìjà náà bá lọ sókè ní ìwọ̀n kan náà, 22,000 ni wọn ì bá gbà. Nítorí náà, àlékún tí a lè kà sí ti ìpolongo jẹ́ 10,000 ọ̀rá, kì í ṣe 12,000.

Ohun kejì tí àbọ̀ àkọ́kọ́ fi sílẹ̀ ni ẹ̀dínwó. Nítorí pé kò sí ẹni tí ó kọ ṣẹ́ẹ̀kì fún un, tí ó jẹ́ pé ṣe ni wọ́n kàn ń yọ ọ́ kúrò lórí ìwé owó, ẹ̀ka ìpolówó kò kà á mọ́ ìnáwó. Àmọ́ ₦150 lórí 32,000 ọ̀rá jẹ́ ₦4,800,000, ó ju rédíò lọ. Kí òǹkàwé kíyè sí i pé orí gbogbo 32,000 ni wọ́n ti san án, títí kan 22,000 tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù ì bá rà ní owó pípé. Níbi yìí ni ẹ̀dínwó ti sábà máa ń jẹ ilé-iṣẹ́ run. Bí a bá kà á mọ́ ọn, ìnáwó di ₦10,800,000, èrè orí 10,000 ọ̀rá sì jẹ́ ₦6,000,000. Èrè ₦1,200,000 ti di àdánù ₦4,800,000 kí a tó kúrò lórí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà.

Ohun kẹta ni ó le jù. Ilé-iṣẹ́ ń ka ọ̀rá tí ó kúrò ní ilé ìkẹ́rùsí, kò ka èyí tí ó wọ ìkòkò àwọn tí ń rokà. Ìyàtọ̀ láàárín títà fún ṣọ́ọ̀bù àti títà láti ṣọ́ọ̀bù ṣe pàtàkì fún gbogbo ọjà tí kì í tètè bàjẹ́. Búrẹ́dì kò ṣeé kó pamọ́, ṣùgbọ́n èlùbọ́ tí ó gbẹ dáadáa lè wà fún oṣù púpọ̀, oníṣọ́ọ̀bù tí ó bá sì gbọ́n yóò ra ti oṣù tí ń bọ̀ ní owó ẹ̀dínwó oṣù yìí. Ẹ̀rí rẹ̀ wà lára ọ̀rá fúnra rẹ̀: nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan sí òmíràn ní ọ̀sẹ̀ kẹrin lẹ́yìn ìpolongo, déètì tí a tẹ̀ sí ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ ọ̀rá tí ó wà lórí pẹpẹ ṣì jẹ́ ti ìgbà ìpolongo. Ìwé títà sì jẹ́rìí sí i. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ó tẹ̀lé ìpolongo, Àkóbọ̀ àti Bódìjà gba 16,500 ọ̀rá péré, nígbà tí Ṣálẹ́ńjì àti Mólété dúró sí 11,000 wọn, èyí tí ó fi hàn pé 22,000 ni a tún ń retí ní ìhà ti ìpolongo. Ọ̀rá 5,500 ni ó wọ́n. A ti tà wọ́n ṣáájú, ní owó tí ó dín.

Àlékún tòótọ́ wá jẹ́ 10,000 dín 5,500, ìyẹn 4,500 ọ̀rá. Èrè orí wọn jẹ́ ₦2,700,000. Nígbà tí a bá yọ ọ́ kúrò nínú ìnáwó ₦10,800,000, àdánù ìpolongo náà jẹ́ ₦8,100,000. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a gbé àbọ̀ ìparí kalẹ̀ kí ìgbà kan tí ó gùn tó ìpolongo fúnra rẹ̀ tó kọjá. Bí àwọn aláṣẹ bá ń kánjú, a lè fún wọn ní ọ̀rọ̀ ṣókí ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí a sì kọ ọ́ sí orí rẹ̀ pé kò tíì sí ìdájọ́ nínú rẹ̀.

Èyí tí ó ṣiṣẹ́, èyí tí ó kùnà, àti ìpín kẹta

Àdánù àpapọ̀ kò túmọ̀ sí pé gbogbo ọ̀nà tí a gbà ló kùnà, nítorí pé àpapọ̀ lè bo ohun rere mọ́lẹ̀ bí ó ti lè bo ohun búburú. Àwọn òṣìṣẹ́ mú 20 ṣọ́ọ̀bù nínú àwọn tí ó ní ìtọ́wò, wọ́n sì mú 20 mìíràn tí kò ní in, tí àwọn méjèèjì sì ń gba nǹkan bí 50 ọ̀rá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ìpolongo. Nígbà ìpolongo, ìpín méjèèjì gba 80, ojú lásán kò sì lè rí ìyàtọ̀ kankan láàárín wọn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀nà pín: àwọn tí kò ní ìtọ́wò já wálẹ̀ sí 35, àwọn tí ó ní in sì gba 60. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹ̀dínwó ni ó ti ọjà wọ ṣọ́ọ̀bù níbi gbogbo, ṣùgbọ́n ibi tí àwọn ènìyàn ti tọ́ àmàlà wò ni ọjà ti jáde kúrò ní ṣọ́ọ̀bù lọ sílé. Ìyàtọ̀ 25 ọ̀rá ní èrè ₦600 jẹ́ ₦15,000, èyí tí ó bá owó ìtọ́wò ṣọ́ọ̀bù kan mu rẹ́gírẹ́gí, nítorí náà ìtọ́wò ti san owó ara rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ohunkóhun tí àwọn oníbàárà wọ̀nyí bá sì rà lẹ́yìn ìgbà náà yóò jẹ́ èrè.

Kò yẹ kí a sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ nípa rẹ̀. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù tí ó gbà kí a gbé ìkòkò sí ẹnu ọ̀nà wọn lè jẹ́ àwọn tí ó já fáfá ju àwọn yòókù lọ tẹ́lẹ̀, kí ó sì jẹ́ pé akitiyan wọn ni a ń kà sí iṣẹ́ ìtọ́wò. Bákan náà, kí ènìyàn fẹ́ràn ohun tí ó tọ́ wò kò túmọ̀ sí pé yóò rà á. Ilé-iṣẹ́ Coca-Cola kọ́ èyí ní ọ̀nà tí ó nira ní ọdún 1985: nǹkan bí 200,000 ènìyàn ni wọ́n fún ní ohun mímu wọn tuntun tọ́ wò kí wọ́n tó gbé e jáde ní oṣù kẹrin, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn sì fẹ́ràn rẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ, síbẹ̀ ìbínú àwọn oníbàárà fipá mú wọn láti dá ti àtijọ́ padà ní oṣù keje. Ahọ́n ni wọ́n bi léèrè, wọn kò bi ọkàn. Ìdí nìyí tí àbọ̀ èlùbọ́ yìí fi gbé ìdájọ́ rẹ̀ lé iye ọ̀rá tí ṣọ́ọ̀bù tún padà rà, kò gbé e lé iye ènìyàn tí ó jẹ àmàlà tí ó sì rẹ́rìn-ín.

Rédíò ni ó bọ́ sí ìpín kẹta, ìpín tí ọ̀pọ̀ àbọ̀ kì í ní: ohun tí ẹ̀rí kò lè dá lẹ́jọ́. Rédíò Ìbàdàn kì í dúró ní Àkóbọ̀. Ẹni tí ó wà ní Mólété ń gbọ́ orin kan náà ní wákàtí kan náà. Ó ṣeé ṣe kí ìdá kan nínú mẹ́wàá tí Ṣálẹ́ńjì àti Mólété fi lọ sókè jẹ́ iṣẹ́ rédíò, ó sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ iṣẹ́ òjò àti ọ̀wọ́n iṣu. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ rédíò, àdánù ìpolongo kéré sí ₦8,100,000 tí a kọ, ó sì yẹ kí àbọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ gbangba. Àwọn kan máa ń gbìyànjú láti yanjú rẹ̀ nípa bíbi oníbàárà léèrè ibi tí ó ti gbọ́ nípa ọjà náà, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn máa ń dárúkọ rédíò nígbà tí kò bá sí ohun mìíràn tí wọ́n rántí, àní nípa ọjà tí kò dé orí rédíò rí. Bánà náà wà ní ìpín yìí, owó tí ó gbà kò sì tó ohun tí à ń fi àkókò àwọn aláṣẹ ṣòfò lé lórí.

Láti kọ "a kò lè sọ" síwájú ọ̀gá tí ó fọwọ́ sí ₦3,600,000 kò rọrùn, nítorí pé ó dún bí ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀, bí a bá fi rédíò sí abẹ́ "ó kùnà" láìsí ẹ̀rí, ilé-iṣẹ́ lè gé ohun tí ń gbè é. Bí a bá sì fi sí abẹ́ "ó ṣiṣẹ́", wọn yóò tún san owó náà lọ́dún tí ń bọ̀, àti lọ́dún tí ó tẹ̀lé e.

Gbòǹgbò ìkùnà

Lẹ́yìn tí a bá ti mọ ohun tí ó kùnà, ìdí rẹ̀ ni ó kù, ìdí tí ó bá sì kọ́kọ́ wá sọ́kàn kì í sábà jẹ́ gbòǹgbò. Ọ̀rọ̀ Sterling Bank ti ọdún 2022 fi èyí hàn dáadáa. Ní ọjọ́ Àjíǹde, ọjọ́ 17 oṣù kẹrin, báńkì náà gbé ìkíni kan jáde tí ó fi àjíǹde Jésù wé bí búrẹ́dì Àgége ṣe ń wú. Ẹgbẹ́ àwọn Kristẹni ní Nàìjíríà bu ẹnu àtẹ́ lù ú, inú bí ọ̀pọ̀ ènìyàn, ọ̀gá àgbà báńkì náà, Abubakar Suleiman, sì tọrọ àforíjì ní gbangba. Ẹni tí ó bá dúró síbẹ̀ yóò kọ ọ́ sínú àbọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ni kò dára, àbá tí yóò sì tẹ̀lé e ni pé kí àwọn òǹkọ̀wé ìpolówó ṣọ́ ẹnu wọn. Ṣùgbọ́n àjọ tí ń ṣàkóso ìpolówó nígbà náà, APCON, sọ pé wọn kò gbé ìpolówó náà wá fún àyẹ̀wò kí ó tó jáde, bẹ́ẹ̀ òfin ní kí wọ́n gbé e wá. Ìdí kejì yìí mú àbá mìíràn lọ́wọ́: kí ohunkóhun má ṣe jáde láìkọjá lábẹ́ ojú ẹni tí kò sí lára àwọn tí ó kọ ọ́. Àbá àkọ́kọ́ gbára lé ọgbọ́n orí ènìyàn. Èkejì gbára lé ìlànà, ó sì ṣeé yẹ̀ wò bóyá wọ́n tẹ̀lé e.

Bákan náà ni ti èlùbọ́ Àkóbọ̀. Bí àbọ̀ bá kọ ọ́ pé àwọn oníṣọ́ọ̀bù ṣe ojúkòkòrò, kò sọ nǹkan kan, nítorí pé ohun tí oníṣòwò èyíkéyìí yóò ṣe ni wọ́n ṣe. Gbòǹgbò ni pé wọ́n so ẹ̀dínwó mọ́ rírà láti ilé-iṣẹ́ dípò kí wọ́n so ó mọ́ títà fún ẹni tí yóò jẹ ẹ́, àti pé kò sí ẹni tí a rán láti ka ohun tí ó wà lórí pẹpẹ títí ìpolongo fi parí. Bí òṣìṣẹ́ méjì bá ti ka ọjà ní 40 ṣọ́ọ̀bù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ kejì ni wọn ì bá ti rí i pé ọ̀rá ń wọlé ju bí ó ṣe ń jáde lọ, wọn ì bá sì ti dá ẹ̀dínwó náà dúró.

Níwájú àwọn aláṣẹ

Kò yẹ kí akápò kọ́kọ́ gbọ́ iye àdánù nínú ìpàdé. Ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú ni kí olùgbékalẹ̀ ti jókòó tì í, kí wọ́n fẹnu kò lórí ₦600 èrè orí ọ̀rá àti lórí bóyá ẹ̀dínwó jẹ́ ìnáwó, nítorí pé bí wọ́n bá ń jiyàn lórí ìyẹn níwájú ọ̀gá àgbà, wákàtí náà ti lọ, kò sì ní sí ìpinnu kankan. Olórí ẹ̀ka títa ọjà pẹ̀lú gbọ́dọ̀ ti rí iye 5,500 náà, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ ni ó dà bí ẹni pé ó já wálẹ̀.

Ìdájọ́ ni ó ń ṣáájú. Ní ojú ìwé kan ṣoṣo, tí a fún olúkúlùkù kí ẹnikẹ́ni tó tan pírójẹ́tọ̀, kí ó wà pé ìpolongo pàdánù ₦8,100,000, pé ẹ̀dínwó ni ó fà á, pé ìtọ́wò san owó ara rẹ̀, pé a kò lè dá rédíò lẹ́jọ́, àti pé ìpinnu mẹ́ta ni a ń béèrè lónìí. Ọ̀pọ̀ olùgbékalẹ̀ máa ń fẹ́ sọ ìtàn ìpolongo láti ọjọ́ tí wọ́n ti gba orin ìpolówó sílẹ̀, kí wọ́n wá kan àdánù nígbà tí ó bá ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Aláṣẹ tí a bá ṣe báyìí fún kì í gbàgbé, bẹ́ẹ̀ ni kì í sì gba ìyókù àbọ̀ náà gbọ́ mọ́.

Ibi tí ó le jù ni ìgbà tí ó bá jẹ́ pé ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀ ni ó dá àbá ẹ̀dínwó. Ọmọlúàbí kì í na ìka sí àgbà láàárín àwùjọ, ìwà yìí sì bá iṣẹ́ àbọ̀ mu dáadáa, nítorí pé ìpinnu ni àbọ̀ ń yẹ̀ wò, kì í ṣe ẹni tí ó ṣe é. Olùgbékalẹ̀ lè sọ ohun tí ilé-iṣẹ́ mọ̀ nígbà tí a ṣe ìpinnu náà, pé àwọn oníṣọ́ọ̀bù ń ráhùn pé ọjà wọ́n, pé ẹ̀dínwó jẹ́ ọ̀nà tí ó yá jù láti dáhùn, kí ó tó sọ ohun tí ó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ohun tí kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí ìbọ̀wọ̀ mú un fi ọ̀rọ̀ rírọ̀ pa iye náà mọ́. Bí ọ̀gá bá béèrè pé, "Ṣé owó wa ti wọgbó nìyẹn?", ìdáhùn tí ó yẹ ni, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mílíọ̀nù mẹ́jọ ó lé díẹ̀ ni kò padà wá, inú ẹ̀dínwó ni èyí tí ó pọ̀ jù wà. Bí ẹ bá gbà bẹ́ẹ̀, a fẹ́ fi bí kò ṣe ní tún ṣẹlẹ̀ hàn yín." Ìdáhùn tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pé ìpolongo mú kí àwọn ènìyàn mọ orúkọ ọjà náà sí i jẹ́ ìyẹ̀bá, àyàfi bí ẹnìkan bá ti wọn bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n ṣáájú, kí ó sì tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn rẹ̀.

Àbá tí ó ṣeé fọwọ́ sí

Àbá tí kò ní orúkọ ẹni tí yóò ṣe é, iye owó, ọjọ́, àti àmì tí a ó fi mọ̀ pé kí a dá a dúró, ìmọ̀ràn lásán ni. Nínú àpẹẹrẹ yìí, àbá àkọ́kọ́ ni pé kí a fòpin sí ẹ̀dínwó orí rírà; bí ilé-iṣẹ́ bá ṣì fẹ́ fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù ní ìṣírí, orí ọ̀rá tí ó ti jáde kúrò lórí pẹpẹ ni kí wọ́n ti san án, lẹ́yìn tí òṣìṣẹ́ ẹ̀ka títa ọjà bá ti ka ìyókù. Iṣẹ́ kíkà yìí ń gba owó, kò sì ní ṣeé ṣe ní gbogbo 400 ṣọ́ọ̀bù, nítorí náà kí wọ́n fi àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá bẹ̀rẹ̀.

Àbá kejì ni pé kí a tún ìtọ́wò ṣe, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ ìdánwò. Kí a kọ orúkọ 60 ṣọ́ọ̀bù tí ó gbà láti ṣe é sínú bébà, kí a fa 30 jáde láìwo ojú ẹnikẹ́ni, kí a ṣe ìtọ́wò ní àwọn wọ̀nyí, kí àwọn 30 yòókù sì dúró di ìgbà mìíràn. Nítorí pé gbogbo wọn ni ó gbà, tí ìbò ni ó sì yà wọ́n, a kò ní lè sọ mọ́ pé akitiyan oníṣọ́ọ̀bù ni ó fa ìyàtọ̀. Owó rẹ̀ jẹ́ ₦450,000. Bí ìyàtọ̀ láàárín ìpín méjèèjì kò bá tó 25 ọ̀rá fún ṣọ́ọ̀bù kan ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀, kí a má ṣe nà án dé ibòmíràn. Ó dára kí a kọ iye yìí sílẹ̀ kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó bá ti rí èsì kí ó tó sọ ohun tí ó ń retí yóò máa rí i pé ohun tí ó rí gan-an ni ó ń retí.

Àbá kẹta kan rédíò. Kí wọ́n gbé e sórí afẹ́fẹ́ ní òun nìkan, láìsí ẹ̀dínwó àti láìsí ìtọ́wò, ní ìgbà tí kì í ṣe ìgbà ọ̀wọ́n iṣu, kí wọ́n sì fi Ìbàdàn wé ìlú mìíràn tí ilé-iṣẹ́ ti ń tajà tí rédíò náà kò dé. Bí ilé-iṣẹ́ kò bá ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, kí akápò pinnu iye tí òun lè fi sórí ohun tí a kò lè wọ̀n, kí wọ́n má sì kọjá rẹ̀.

Kí ìpàdé tó túká, akọ̀wé gbọ́dọ̀ ti kọ ìpinnu lórí àbá kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, àti èyí tí wọ́n gbà àti èyí tí wọ́n kọ̀, pẹ̀lú ìdí rẹ̀. Ìwé yẹn ni yóò jẹ́ ojú ìwé àkọ́kọ́ nínú àbọ̀ ìpolongo tí ó bá tẹ̀lé e.

Ìdánrawò

Kí akẹ́kọ̀ọ́ ka iye Ṣálẹ́ńjì àti Mólété sí 9,000 dípò 11,000, nígbà ìpolongo àti lẹ́yìn rẹ̀, kí ó fi àwọn iye yòókù sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, kí ó sì tún gbogbo ìṣirò ṣe. Yóò rí i pé àlékún tòótọ́ di 12,500 ọ̀rá, èrè orí wọn di ₦7,500,000, àdánù sì wálẹ̀ sí ₦3,300,000. Lẹ́yìn náà, kí ó kọ ojú ìwé kan ṣoṣo tí yóò gbé síwájú ọ̀gá àgbà, kí ó sì sọ nínú rẹ̀ bóyá ìdájọ́ rẹ̀ lórí ẹ̀dínwó yí padà, pẹ̀lú ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀.